Ẹ Jẹ́ Kí Oníbàárà Sọ Tẹnu Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìwé Ọ̀rọ̀ fún Fídíò Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fídíò sọ ní Kàbà nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe gbé e síbí.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, okun o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé fóònù yín dání wá, okun. Ẹni tó ti Bùnú wá, ẹni tó ti Yàgbà wá, ẹni tó ti Ìjùmú wá, ẹni tó ti Ọ̀wọ̀rọ̀ wá, a kí yín káàbọ̀ sí ilẹ̀ Owé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí mo bá ṣìsọ, kí ẹ̀yin àgbà tún un ṣe fún mi.

Fídíò ẹ̀rí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ mọ̀ ọ́n: oníbàárà á jókòó síwájú kámẹ́rà, á sọ ohun tí ọjà tàbí iṣẹ́ yín ṣe fún un, ẹ ó wá gbé e sórí Wọ́sáàpù àti Fesibúùkù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ṣe é rí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, kí ẹ sì dá mi lóhùn láìṣẹ̀tàn: ta ló wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ dé òpin nínú yín láìpẹ́ yìí? Ẹ ò rí i pé ọwọ́ ò pọ̀.

Kí ló fà á? A mọ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń ka ohun tí wọ́n kọ fún un. Ojú rẹ̀ á le, ohùn rẹ̀ á dà bí ti ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí níwájú olùkọ́. Èmi fúnra mi ṣe àṣìṣe yìí. Fídíò ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo jókòó nílé, mo kọ ojú ìwé kan gbáko, mo gbé e fún màmá kan tó ń ta aṣọ, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí.” Màmá kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án ni wọn ò ṣì gbólóhùn kankan, ìyẹn gan-an ló wá burú jù. Nígbà tí mo ti pa kámẹ́rà, tí mo ń ká wáyà, màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tó mú mi ra ọjà yẹn gan-an?” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Ìtàn náà dùn, ó kún fún ohun tí èèyàn lè fojú rí. Kámẹ́rà sì ti kú.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ọ̀nà mi padà: ìbéèrè ni mo máa ń kọ kí n tó lọ, ìwé ọ̀rọ̀ fídíò, èyí tí àwa oníṣẹ́ yìí ń pè ní síkíríìpù, mo máa ń kọ ọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Ìbéèrè ṣáájú, síkíríìpù lẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ síkíríìpù ṣáájú, èrò ara rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Wẹ́dà kan wà tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún omi gbágùúdá, irú èyí tí ó ní férémù irin, tí wọ́n gbé jáàkì lọ́rì sí. Ó fẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ kan, ìyá tó ń yan gàrí ní ọ̀nà Ìyàrà, jẹ́rìí fún un.

Ohun kìíní: ẹ béèrè ìṣẹ̀lẹ̀, ẹ má béèrè èrò

Wẹ́dà yìí ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún mi. Ẹ gbọ́ wọn. “Ṣé ẹ gbádùn ẹ̀rọ wa?” “Kí ni ẹ lè sọ nípa iṣẹ́ wa?” “Ṣé ẹ lè ní kí àwọn èèyàn rà á?”

Kí ni ìdáhùn ìbéèrè kìíní? “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ó tán. Kí ni ìdáhùn ìkejì? Ẹ̀yin náà mọ ìyá wa. Àdúrà ni: “Ọlọ́run á túbọ̀ gbé ọ sókè, o ò ní rí ìdààmú.” Àdúrà dára, mo sì máa ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo fídíò láti Ìsánlú kò tíì mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ìbéèrè ìkẹta ńkọ́? Ìyá á ní kí wọ́n rà á, torí ọmọlúàbí kì í dójú ti àlejò rẹ̀. Kò sí èyí tó mú ìtàn jáde nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èèyàn kì í mọ èrò rẹ̀ sọ lójijì, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Bí ẹ bá béèrè ọjọ́ kan, ibì kan, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ìrántí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èmi fi àwọn ìbéèrè yìí rọ́pò ti wẹ́dà:

“Ìyá, ẹ mú wa padà sí ìgbà tí ẹ kò tíì ní ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí ẹ bá rin gbágùúdá tán, kí ni ẹ máa ń ṣe tẹ̀ lé e?”

“Ọjọ́ wo ni ẹ sọ nínú ara yín pé ó tó gẹ́ẹ́?”

“Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà, kí ló mú yín lọ́ra?”

“Ẹ sọ fún mi nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ lò ó.”

“Lánàá, nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́, kí ni ẹ ṣe tí ẹ kì í ṣe tẹ́lẹ̀?”

“Irú èèyàn wo ni ẹ máa sọ fún pé kó má tíì rà á?”

Mẹ́fà péré ni. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra: ìyà àtẹ̀yìnwá, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà, iyèméjì, ìgbà àkọ́kọ́, ìsinsìnyí, ibi tí agbára ẹ̀rọ náà mọ. Bí ìtàn ṣe máa ń lọ náà nìyẹn, nítorí náà oníbàárà kò ní sọnù sínú ìbéèrè yín. Ẹ má sì fi ìbéèrè méjì sínú gbólóhùn kan. Bí ẹ bá ní, “Báwo lẹ ṣe mọ̀ wá, kí ló sì mú yín rà á?” ìkejì nìkan ni yóò dáhùn, tàbí kí ó da méjèèjì pọ̀ tí ẹ kò ní rí ibi tí ẹ ó gé.

Ìbéèrè nípa iyèméjì ni mo fẹ́ràn jù, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wo fídíò yín kò tíì rà. Iyèméjì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ tí oníbàárà sọ irú iyèméjì tirẹ̀ jáde, ẹnìkan ti bá a sọ ọ́. Ìyá yìí dáhùn pé, “Mo rò pé bí ó bá bàjẹ́, èmi ni yóò máa wá wẹ́dà kiri ní Kàbà. Mo sì rò pé agbára mi ò ní gbé ọ̀pá jáàkì yẹn.” Ẹ ò rí i? Èmi kò lè jókòó nílé kí n ro ọ̀rọ̀ ọ̀pá jáàkì. Wẹ́dà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ohun tó ń ba àwọn ìyá lẹ́rù nìyẹn. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó yẹ kí òun ya àwòrán ọ̀pá náà ní ọwọ́ obìnrin.

Ohun kejì: bí a ṣe ń jókòó béèrè

Ìbéèrè tó dára lè kú sí ọwọ́ ẹni tó ń bi í. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa sọ. Nítorí náà, ẹni tó ni ọjà kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Mo ní kí wẹ́dà dúró sílé, inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó gbà. Bí ó bá dúró ní ẹ̀yìn kámẹ́rà, ìyá á máa wo ojú rẹ̀, á sì máa yìn ín. Ìyìn níwájú ẹni tí a ń yìn, ìkíni ni.

Mo ti pe ìyá náà lórí fóònù ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo béèrè ìgbà tí ó ra ẹ̀rọ àti iye àpò tó ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo sọ fún un pé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ la máa sọ. N kò ka ìbéèrè fún un. Bí ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn lórí fóònù, mo dá a dúró jẹ́jẹ́: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí pamọ́ fún mi di ọjọ́ Ẹtì.” Ìtàn tí èèyàn sọ lẹ́ẹ̀kejì kì í gbóná bíi ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ti gba ìbéèrè ṣáájú sì máa ń ṣe ìdáhùn sórí.

Nígbà tí mo dé, mo tan kámẹ́rà kí n tó béèrè ohunkóhun, mo sì sọ fún un pé ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó má ka á sí. A kí ara wa, a béèrè ọmọ, a sọ̀rọ̀ òjò. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà gan-an, kí ojú rẹ̀ lè máa wò mí dípò dígí. Máìkì kékeré wà láyà rẹ̀, nítorí fóònù tó wà níwájú máa ń gbọ́ adìẹ àti ọ̀kadà ju ìyá lọ.

Nǹkan kan wà tí àwa Yorùbá máa ń ṣe, mo ní kí ẹ ṣọ́ra fún un. Bí ẹni kan bá ń sọ̀rọ̀, àwa á máa ní “ẹn-hẹ́n,” “bẹ́ẹ̀ ni,” “háà.” Ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo “ẹn-hẹ́n” yẹn máa ń wọ inú ohùn rẹ̀, ẹ kò sì ní lè yọ ọ́. Ẹ mi orí, ẹ jẹ́ kí ojú yín sọ ọ́. Kí ìtìjú má bá yín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìyá pé, “Bí mo bá dákẹ́, ẹ má bínú, nítorí kí ohùn yín lè mọ́ ni.”

Ìdákẹ́jẹ́ náà níṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìyá parí ìdáhùn sí ìbéèrè “ó tó gẹ́ẹ́,” ó ní, “Ó kàn rẹ̀ mí ni.” Mo dákẹ́. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú ọkàn mi. Ó wo ilẹ̀, ó wá ní, “Òkúta méjìlá ni mo máa ń tò lé àpò náà. Ọjọ́ kan, èyí tó wà lókè yí, ó bọ́ lu ẹsẹ̀ ọmọ mi obìnrin. Kò fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó sunkún, ó ní, ‘Ìyá, mi ò ní ṣe iṣẹ́ yìí bí mo bá dàgbà.’ Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe wẹ́dà.” Bí mo bá ti yára bọ́ sí ìbéèrè tó kàn, n kì bá tí gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí ó wá lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń jẹ́ ọkàn fídíò.

Ẹ má sì dá èdè rẹ̀ dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi òkúta, ìyá fi Yorùbá ilé-ìwé sílẹ̀, ó bọ́ sínú èdè ilé rẹ̀. Mo rí ọ̀dọ́ tó máa ń ní kí ìyá tún un sọ ní Yorùbá tó “mọ́.” Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ àlàyé sísàlẹ̀ àwòrán.

Ẹ ṣọ́ “ó” o! Èdè wa rọrùn láti sọ “ó wá,” “ó ṣe é.” Ìyá ní, “Ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.” Èmi mọ̀ pé wẹ́dà ni. Ẹni tó ń wò ó kò mọ̀, torí a ó gé ìbéèrè mi kúrò. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ta ló wá?” Ó ní, “Wẹ́dà tó ṣe é ni ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.” Gbólóhùn náà ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mi pẹ̀lú “ẹ sọ fún mi nípa ọjọ́ tí,” nítorí oníbàárà á sábà mú ọjọ́ náà dání wọ inú ìdáhùn.

Ohun kẹta: síkíríìpù tí a kọ láti inú ìdáhùn

Mo padà sílé pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Mo kọ gbogbo ohun tí ìyá sọ sílẹ̀, mo fi ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo mú bírò, mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá ní ohun tí ojú lè rí tàbí tí ọwọ́ lè dì mú. “Ó dára gan-an” kò rí ìlà. “Òkúta méjìlá” rí i.

Ìwé náà ní apá méjì: lápá òsì, ohun tí ìyá sọ, lápá ọ̀tún, ohun tí ojú ń wò. Èyí ni bó ṣe rí nígbà tí mo parí rẹ̀. Kò ju ọgọ́rin ìṣẹ́jú-àáyá lọ, mo sì mọ̀ nítorí pé mo fi aago kà á sókè.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Òkúta méjìlá ni mo máa ń tò lé àpò náà.” A rí ojú ìyá. Lẹ́yìn náà, òkúta tó bọ́ lu ẹsẹ̀ ọmọ. A rí òkúta náà gan-an, tó ṣì wà lẹ́yìn ilé, tí koríko ti yí ká. Lẹ́yìn náà iyèméjì: wẹ́dà kiri ní Kàbà, àti agbára ọ̀pá jáàkì, a rí ọwọ́ ìyá lórí ọ̀pá, tó ń tẹ̀ ẹ́, tí omi funfun ń dà sílẹ̀ láti inú àpò. Lẹ́yìn náà ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà lánàá. Lẹ́yìn náà ẹni tí kò gbọdọ̀ tíì rà á. Àwòrán ọwọ́, omi, àti ìyá tó ń jọ̀ gbágùúdá nínú ajọ̀ ni mo fi bo àwọn ibi tí mo ti gé ọ̀rọ̀, nítorí bí ẹ bá gé ojú èèyàn láì fi nǹkan bò ó, orí rẹ̀ á fò lójijì.

Wàhálà méjì dé níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ méjèèjì.

Nípa ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá sọ òtítọ́: “Àpò ya! Mo kún un jù. Gbogbo rẹ̀ fọ́n sílẹ̀. Mo ní wọ́n ti gbà mí lówó. Wẹ́dà tó ṣe é ni ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ibi tí àpò gbọdọ̀ dé hàn mí, ó sì fún mi ní pákó tí mo máa fi sáàárín àpò.” Wẹ́dà wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ibi tí àpò ti ya.” Mo ní, bí a bá yọ ọ́, a ti yọ ibi tí o ti wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá yẹn ń bẹ̀rù pé òun máa wá wẹ́dà kiri. Ibẹ̀ gan-an ni a ti dáhùn ẹ̀rù rẹ̀. Ó ronú, ó gbà.

Èkejì le jù. Wẹ́dà fẹ́ kí ìyá sọ pé, “Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta; ní báyìí, ọjọ́ kan.” Ó ní gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo bi ìyá. Ó ní, “Rárá o. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ gàrí tó kan. Mo ṣì máa ń fi gbágùúdá sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí n tó fún omi rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ ni òkúta.” Ẹ̀yin tó ń yan gàrí mọ̀ pé òtítọ́ ló sọ. Kíkan yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan, ó wà lára ohun tó ń dín májèlé inú gbágùúdá kù. Bí a bá gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó dà bíi pé ó ní ọjọ́ kan, irọ́ la fi ẹnu rẹ̀ pa. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 sì lòdì sí ìpolówó tó ń ṣi èèyàn lọ́nà. Bí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé òfin, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ nítorí ọjọ́ kan á padà wá bá yín.

Nítorí náà, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn fídíò náà ni ìdáhùn ìyá sí ìbéèrè kẹfà: “Ẹni tí kì í rin ju ọpọ́n kan lọ lọ́sẹ̀, kí ó má tíì rà á. Òkúta ṣì tó o.” Wẹ́dà rò pé yóò lé èèyàn sá. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ pè é lẹ́yìn fídíò náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú iye ọpọ́n tí àwọn ń rin lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n ti wọn ara wọn kí wọ́n tó pe.

Ìbéèrè láti àárín àwùjọ

Bàbá kan bi mí pé, ṣé a máa ń san owó fún oníbàárà? Mo dáhùn báyìí. Ẹ má san owó ṣáájú, torí ẹni tó bá ti gbowó á máa wá ohun tó máa tẹ́ yín lọ́rùn. Owó ọkọ̀ rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ yàtọ̀, ẹ fún un. Bí ẹ bá fún un ní ẹ̀bùn tàbí ẹ dín owó ọjà kù fún un, ẹ kọ ọ́ sínú fídíò kí gbogbo ayé mọ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní, bí oníbàárà bá yí ọkàn padà ńkọ́? Kí ẹ tó tan kámẹ́rà, ẹ gba àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí fídíò máa lọ fún un; bí ẹ bá ti tàn án, kí ó sọ ọ́ sínú kámẹ́rà pé òun gbà. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán, ẹ gbé e lọ fún un kí ó wò ó, kí ẹlòmíràn tó wò ó. Ìyá wa wo tirẹ̀ lórí fóònù mi níwájú ilé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í. Ó rẹ́rìn-ín níbi àpò, ó dákẹ́ níbi òkúta. Nígbà tó parí, ó ní kí n yọ gbólóhùn kan kúrò, níbi tó ti dárúkọ gbèsè ọkọ rẹ̀. Gbólóhùn náà dára, ó ṣeé wò, ó sì dùn mí. Mo yọ ọ́ níbẹ̀ níṣojú rẹ̀, mo tún un tàn, ó sì tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá ní, “Ó dáa. O lè gbé e jáde.”